Ojú Ìgé Kì í Ṣe Ìran

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbé mì mọ́. Ó ti di àṣà báyìí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí fíìmù Yorùbá gbé fíìmù náà sínú kọ̀ǹpútà, kí ó ní kí ètò kan gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó ka iye ègé tó jáde, kí ó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ pé, "Fíìmù yìí ní ìran 412." Olùkọ́ á fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí á di òtítọ́ nípa fíìmù wa.

A kò gbà bẹ́ẹ̀. Fíìmù wo ló ní ìran 412? Eré orí ìtàgé tí a kà ní ọdún kìíní, mélòó ni ìran inú rẹ̀? Àwa tí wọ́n kọ́ ní ohun tí ìran ń jẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo, kì í ṣe àwa ló yẹ kó máa da nọ́ńbà náà kọ.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti wá kò jìnnà. Ètò tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ni PySceneDetect. Ọ̀fẹ́ ni, ó yára, kò sì nílò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi. Bí ó bá gé fíìmù tán, orúkọ tó máa ń sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ni `fiimu-Scene-001.mp4`, `fiimu-Scene-002.mp4`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo `Scene`, á ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, á rí "ìran", ó parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìran ni ètò náà ń wá. Ìgé ló ń wá, ìyẹn ojú ibi tí ẹni tó to fíìmù ti fòpin sí ohun tí kámẹ́rà kan ń wò, tó sì so òmíràn mọ́ ọn. Ohun tó wà láàárín ìgé kan sí èkejì, abala ni ẹ jẹ́ ká máa pè é. Abala púpọ̀ ló máa ń para pọ̀ di ìran kan.

Kí a má bàa dà bí ẹni tó ń bú ohun tí kò mọ̀, ẹ jẹ́ ká tú iṣẹ́ ètò náà palẹ̀. Fídíò tí wọ́n ṣe sí ìlànà tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa máa ń ní àwòrán 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Fírémù ni à ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fíìmù oníwákàtí méjì, fírémù 180,000 nìyẹn. Ètò náà á mú fírémù kan, á fi wé èyí tó ṣáájú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ojú àmì kóńkóló kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán, á wo ohun mẹ́ta: irú àwọ̀ tó jẹ́, bí àwọ̀ náà ṣe kún tó, àti bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe tó. Á yọ ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wá ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀, á sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí nọ́ńbà yẹn bá dé 27, ó di ìgé. Bí kò bá dé 27, kò sí nǹkan kan.

27 yìí ni a ń pè ní ààlà. Ẹni tó kọ ètò náà ló fi síbẹ̀ kí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè rí nǹkan lò, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lè yí i padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bí fíìmù Yorùbá ṣe rí nìyẹn. Àwa la sọ ọ́ di òfin nítorí pé a kò fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìtàn kan tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó, kí a fi dán ààlà náà wò. Òru ni. Bàbá kan jókòó sí ìyẹ̀wù rẹ̀, àwọn ọ̀tá wọlé tọ̀ ọ́. Ó pọfọ̀, ó lo àféẹ̀rí, ó pòórá. Mànàmáná kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run. Lẹ́yìn náà àwòrán ìyẹ̀wù náà ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, àwòrán ọjà ní ìdájí sì ń yọ́ wọlé láti abẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí irú èyí lórí kásẹ́ẹ̀tì àti àwo. Nọ́ńbà tí a fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ la fi ṣe, kí ìṣirò náà lè hàn kedere.

Àféẹ̀rí ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ti pẹ́, Georges Méliès ti fi pa obìnrin kan rẹ́ lórí àga ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1896: wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, òṣèré á kúrò níbẹ̀, wọ́n á tún tẹ kámẹ́rà. Ìgé gidi ni, ìgé tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo eré yẹn. Ṣùgbọ́n kí ló yí padà nínú àwòrán? Ògiri wà níbẹ̀, ẹní wà níbẹ̀, àtùpà wà níbẹ̀. Bàbá nìkan ni kò sí mọ́. Ká ní bàbá gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán, tí ìyàtọ̀ ibi tó jókòó sí sì jẹ́ 80. Ìpíndọ́gba gbogbo àwòrán á jẹ́ 80 lọ́nà 0.15, ìyẹn 12. 12 kò dé 27. Ètò náà kò rí i. Àféẹ̀rí bàbá ṣiṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà náà.

Mànàmáná ńkọ́? Kò sí ìgé kankan níbẹ̀. Kámẹ́rà kò yí padà, ibẹ̀ náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán funfun báláú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní irú àwọ̀ yí padà pẹ̀lú 10, kíkún àwọ̀ pẹ̀lú 40, ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú 120. Ẹ rò ó pọ̀, ó di 170. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó lé díẹ̀ ní 56. Ó ju ààlà lọ ní ìlọ́po méjì. Ètò náà á ké pé ìgé nìyí, á sì pín ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sí méjì níbi tí kò ti mí rárá.

Ó ku yíyọ́. Ká ní ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ̀wù àti ọjà jẹ́ 60, tí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìyẹn fírémù 50, yọ́ ọ̀kan wọnú èkejì. Fírémù kan sí èkejì á máa yàtọ̀ pẹ̀lú 1.2 péré. Ètò náà á kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni ìran kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀: òru di ìdájí, ilé di ọjà.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ohun mẹ́ta, ètò náà ṣì mẹ́ta. Ó fo ìgé gidi, ó dá ìgé èké sílẹ̀, ó sì kọjá lórí ojú ibi tí ìran ti yí padà. Ìdí kò sì ṣòro. Ètò náà ń wọn bí àwòrán ṣe yàtọ̀ sí àwòrán. Àwọn tó ṣe fíìmù wa ní tiwọn ń lo ìyípadà àwòrán fún idán, fún ẹ̀rù, fún òjò, fún àlá. Bí eré bá ṣe kún fún idán tó ni ìwọ̀n yẹn á ṣe máa ṣìnà tó.

Àwọn kan á sọ pé, "Ẹ dín ààlà kù, ó tán." Kò tán. Bí a bá fà á wálẹ̀ sí 10, a mú àféẹ̀rí tó jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n kí ló tún dé? Nígbà tí onídùndún bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù, tí àwọn oníjó bọ́ sójú agbo, tí kámẹ́rà ń yí tẹ̀ lé wọn, fírémù kọ̀ọ̀kan lè máa fi 16 tàbí 18 yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ju 10 lọ. Ètò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgé nínú agbo ijó tí ẹnikẹ́ni kò gé. Ààlà kan ṣoṣo fún gbogbo fíìmù, bí ẹ bá gbé e sókè ó ń fò, bí ẹ bá gbé e wálẹ̀ ó ń dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó dára jù ni kí a bi ètò náà ní ìbéèrè mìíràn. Dípò "Ṣé ìyàtọ̀ yìí pọ̀?", ká bi í pé, "Ṣé ìyàtọ̀ yìí pọ̀ ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ?" Ọ̀nà yẹn wà nínú PySceneDetect fúnra rẹ̀, `detect-adaptive` lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń mú ìyàtọ̀ fírémù kan, á pín in pẹ̀lú ìpíndọ́gba fírémù méjì tó wà ṣáájú àti méjì tó wà lẹ́yìn. Bí èsì bá dé 3, ó lè jẹ́ ìgé. Ẹ padà sí agbo ijó: 18 láàárín àwọn 16, èsì kò ju 1.125 lọ, ètò náà á fi agbo ijó sílẹ̀ ní odindi. Ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá: 12 láàárín ìyẹ̀wù tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ìyàtọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ 1, èsì jẹ́ 12. Wọ́n ti mú àféẹ̀rí.

Àmọ́ ẹ má tíì jó. Ètò náà tún ní ìlànà kejì pé ìyàtọ̀ tí kò bá dé 15, kí wọ́n má tilẹ̀ gbé e yẹ̀ wò. 12 bàbá á tún bọ́ lọ, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín dín 15 náà kù:

```
scenedetect -i fiimu.mp4 -s iye.csv detect-adaptive -c 10 list-scenes save-images
```

`iye.csv` ni ibi tí nọ́ńbà fírémù kọ̀ọ̀kan á wà, kí ẹ lè fojú rí ohun tó mú kí ètò náà gé tàbí kí ó má gé. `save-images` á ya àwòrán díẹ̀ láti inú abala kọ̀ọ̀kan. Àwọn àwòrán wọ̀nyẹn ni ẹ ó fi mú mànàmáná, nítorí pé ọ̀nà tuntun yìí kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ fún fírémù kan ṣoṣo, nọ́ńbà á fò sókè nígbà tó dé, á tún fò nígbà tó lọ. Ìpíndọ́gba 1, 1, 57 àti 1 jẹ́ 15. Bí a bá fi 15 pín 57, èsì á jẹ́ 3.8, ó ṣì ju 3 lọ. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ẹ gbé àwòrán tó kẹ́yìn nínú abala kan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ abala tó tẹ̀ lé e. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ara wọn bí ìbejì, tí kò sì sí ẹni tó pòórá láàárín wọn, mànàmáná ni, kì í ṣe ìgé. Ẹ so wọ́n pọ̀ padà.

Ní ti yíyọ́, kì í ṣe ìṣòro tuntun. Ní ọdún 1993, Zhang, Kankanhalli àti Smoliar, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Síńgápọ̀, dábàá pé kí a lo ààlà méjì. Ààlà gíga wà fún ìgé gidi. Ààlà kékeré wà láti sọ pé, "Ó jọ pé nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín." Láti ibẹ̀, wọ́n á máa ṣe àkójọ ìyàtọ̀ náà. Bí àkójọ bá dé ààlà gíga kí nǹkan tó rọlẹ̀, yíyọ́ ló ṣẹlẹ̀. Àwọn náà rí i pé kámẹ́rà tó rọra ń yí lè kó ìyàtọ̀ jọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti wá bí wọn yóò ṣe dá ìṣísẹ̀ kámẹ́rà mọ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ yìí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹnì kan sì ń fi ààlà kan ṣoṣo kọ iṣẹ́ àṣekágbá láì bèèrè.

Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ̀yin ará àtijọ́, àwọn ètò tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ra ti dé." Òótọ́ ni. TransNet V2, tí Souček àti Lokoč gbé jáde ní ọdún 2020, kì í fi fírémù kan wé èkejì lásán. Ó máa ń wo ọ̀pọ̀ fírémù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fi ìgé àti yíyọ́ tí wọ́n dìídì so pọ̀ kọ́ra. Ó mọ yíyọ́ ju àwọn ètò oníṣirò yìí lọ dáadáa, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe: ojú ààlà abala ni òun náà ń wá. Bó bá pé ní gbogbo ọ̀nà, abala ló máa kà fún yín láìṣì. Kò ní ka ìran.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹ ronú nípa pálọ̀ kan. Ọkọ ń sọ̀rọ̀, kámẹ́rà wo ojú rẹ̀. Ìyàwó fèsì, kámẹ́rà wo tirẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀, ìgé 40, pálọ̀ kan náà, ìjà kan náà, ìrọ̀lẹ́ kan náà. Ìran kan ni. Ẹ tún ronú nípa fíìmù tí àwọn òṣèré tíátà ṣe, níbi tí kámẹ́rà ti dúró gbọ-in bí ẹni tó sanwó wọlé, tí ọba wọlé, tí àwọn ìjòyè wọlé, tí wọ́n dájọ́, tí wọ́n jáde, tí àwọn ọ̀dàlẹ̀ méjì sì kù sẹ́yìn tí wọ́n ń gbìmọ̀. Lójú ẹni tó mọ eré, ọ̀rọ̀ ti yí padà nígbà tí ọba jáde. Lójú ètò náà, abala kan ni. Ìran ń yí padà nígbà tí ibi, àkókò, tàbí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá yí padà. Inú ìtàn ni ìyẹn wà, kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ àmì kóńkóló.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni. A ti rí iṣẹ́ tó fi iye abala sọ pé fíìmù àtijọ́ "ń falẹ̀" torí pé ìgé inú rẹ̀ kéré. Bí ètò bá ti fo àwọn ìgé tó wà nínú òkùnkùn àti inú idán, iye tó kéré yẹn ti ọwọ́ ètò wá, kò ti ọwọ́ olùdarí wá. A tún ti rí àwọn tó gé fíìmù sí ègé, tí wọ́n kó ègé náà pamọ́, tí wọ́n sì pa odindi rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà lórí kọ̀ǹpútà. Èyí ló dùn wá jù. Bí PySceneDetect bá ń gé fáìlì lásán, ó máa ń tún un kọ, àwòrán kásẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá tẹ́lẹ̀ á tún ṣá sí i. Bí ẹ bá sì ní kí ó dà á kọ láìtún un ṣe, kì í lè gé e ní ojú fírémù tí ẹ fẹ́ gan-an. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹni tó bá fẹ́ tún ìgé náà ṣe lọ́jọ́ iwájú kò ní odindi tí yóò padà sí.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó ka fírémù 180,000 pẹ̀lú ojú. A gbà pé ẹ̀rọ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ àkọ́ṣe. Ohun mẹ́ta péré la ń bèèrè.

Èkíní, kí ẹ̀ka wa fòfin de kíkọ "ìran" sí orí iye tí ètò kà. Abala ni kí wọ́n pè é. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìran, kí ó wo fíìmù náà, kí ó kó abala jọ sí ìran, kí ó sì sọ ìdí tó fi kó wọn jọ.

Èkejì, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan hàn tí akẹ́kọ̀ọ́ fojú ara rẹ̀ kà. Ká ní ó rí ìgé 80, ètò mú 90 wá, 72 nínú rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Nígbà náà, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ètò sọ ni ó tọ̀nà, ó sì rí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì ni kí ó kọ, nítorí pé ẹni tó kọ ọ̀kan lè fi ìkejì pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ NIST ní Amẹ́ríkà ṣe ń wọn àwọn ètò báyìí nínú ìdánwò TRECVID láti 2001 dé 2007. Kí ó sì yan ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ní idán, òru tàbí ijó nínú, kí ó má yan ibi tó rọrùn.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má gé fíìmù kankan. `list-scenes` á fún yín ní ìwé kékeré tí àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin abala kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ tọ́jú, ìwé yẹn ni kí ẹ tún ṣe, kí odindi fíìmù sì wà láìfọwọ́kàn.

Ẹni tó bá rò pé à ń ṣàsọdùn, kí ó mú fíìmù Yorùbá kan tó ní àféẹ̀rí nínú, kí ó lo ètò náà bó ṣe wà, kí ó sì wá ibi tí bàbá ti pòórá nínú ìwé tó jáde. Bó bá rí i, kí ó kọ ìdáhùn sí wa pẹ̀lú `iye.csv` rẹ̀. A ó gbé e síbí.